Kíkà Ọjọ́ Dé Rámádáánì: Ìbéèrè Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ

"Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan lójoojúmọ́ láti fi ka iye ọjọ́ tó kù ká bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, mo sì máa ń fi ìbéèrè kan parí rẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rò ó. Lọ́dún tó kọjá, mo sọ fún wọn pé ọ̀la ni, oṣù ò sì lé. Ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ mi kì í wọ inú ìṣẹ́jú kan, ìbéèrè tí mo bá sì bi wọ́n, 'Àmín' ni wọ́n ń kọ sí i. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ lọ́dún yìí?"

Wà àlékúmù sàlámù. Ẹ jẹ́ ká ti ibi iye ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló yá jù láti tún ṣe. Ìṣirò yín ò burú; ibi tí ẹ ń kà á lọ ni kò dúró sójú kan. Oṣù Ṣàbáánì lè jẹ́ ọjọ́ 29, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ 30. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní ká gbààwẹ̀ nígbà tí a bá rí oṣù, ká sì túnu nígbà tí a bá rí i, bí ìkùukùu bá sì bò ó, ká ka Ṣàbáánì pé ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó bá ń ka ọjọ́ dé ààwẹ̀ àkọ́kọ́ ń ka ọjọ́ dé ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ ìṣirò kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, tiwọn ti dájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wíwo oṣù ni àwọn èèyàn yín dúró lé, ẹ yí ibi tí ẹ ń kà á lọ padà. Ẹ ka ọjọ́ dé ìrọ̀lẹ́ tí a máa wo oṣù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ṣàbáánì ni ìyẹn, kò sì ní sún síwájú tàbí sẹ́yìn, bóyá oṣù lé ni o, bóyá kò lé ni o. Gbàrà tí wọ́n bá ti kéde pé Ṣàbáánì wọlé, ẹ ti mọ ọjọ́ náà.

Ohun tí ẹ máa sọ wá di: "Ó ku ogún ọjọ́ ká wo oṣù Rámádáánì." Ọjọ́ kẹsàn-án Ṣàbáánì ni ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀, ó máa di ọ̀kàndínlógún ní ọjọ́ kẹwàá, títí kò fi ní ku nǹkan kan ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ohun kan ṣì wà tó máa ń da ìṣirò yìí rú. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ọjọ́ tiwa ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gbé fídíò rẹ̀ jáde lẹ́yìn Màgíríbì ti bọ́ sínú ọjọ́ kejì kó tó ṣí ẹnu. Àárọ̀ ni kí ẹ máa gbé e jáde. Bákan náà, ẹ má kọ nọ́ńbà náà sára àwòrán, ẹ má sì tún un sọ láàárín ọ̀rọ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni kó ti máa jáde. Bí ìkéde nípa ìbẹ̀rẹ̀ Ṣàbáánì bá yí padà, gbólóhùn kan péré ni ẹ máa tún ká sílẹ̀, ìyókù wà bó ṣe wà.

Ní ti "Àmín", inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu kàn án, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Ẹ wo irú ìbéèrè tó máa ń wà ní ìparí fídíò bí èyí: "Ǹjẹ́ a ti múra sílẹ̀ de oṣù alápọ̀n-ọ́n-lé yìí?" Kí ni olùgbọ́ fẹ́ fi dáhùn? Kò sí Mùsùlùmí tó máa sọ pé òun ò fẹ́ múra. Àdúrà ni ìbéèrè náà nínú aṣọ ìbéèrè, àdúrà ni wọ́n sì gbọ́, ni wọ́n bá ṣe Àmín sí i. Olùgbọ́ yín ò ṣìwà hù rárá. Ìbéèrè tó ń múni ronú gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn tó máa yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tó dáa jù nínú wọn ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ iye kan, tàbí ọjọ́ kan, tàbí orúkọ ẹnì kan. "Ta ni ẹ ò tíì bá sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá?" Ẹni tó gbọ́ ìyẹn ti rí ojú ẹnì kan kí fídíò tó parí, bó fẹ́ bó kọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ ọ̀rọ̀ tán, ká tó wá ìbéèrè lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń gùn, tí ìbéèrè sì ń fẹ́lẹ́. Bí ìbéèrè bá ti wà nílẹ̀, ẹ bi ara yín pé: kí ló yẹ kí ẹnì kan gbọ́ kí ìbéèrè yìí tó lè bá a níbi tó wà? Ohun tó bá jẹ́ ìdáhùn ìyẹn nìkan ló máa wọ inú ìṣẹ́jú náà. Ohun tó kù lè dára, ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ ogún yẹn ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí i, lójú tèmi, ni ààwẹ̀ ọdún tó kọjá tí àwọn èèyàn ò tíì san. Ìbéèrè rẹ̀ ni: "Ọjọ́ mélòó ló ṣì wà lọ́rùn yín?" Iye ni ìdáhùn rẹ̀, ẹni tí kò jẹ ìkankan sì lè fi ayọ̀ sọ pé kò sí. Kí ni olùgbọ́ nílò kó tó dé ibẹ̀? Ó nílò láti mọ̀ pé àánú wà fún ẹni tí kò gbà á nígbà náà, pé sísan wà níbẹ̀, àti pé àsìkò ń lọ. Ó tán. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé: "Àsàlámù àlékúmù. Ó ku ogún ọjọ́ ká wo oṣù Rámádáánì. Ẹnì kan ń retí ààwẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó kọjá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ara rẹ̀ ò yá, tàbí ó rìnrìn àjò, tàbí obìnrin ni, ó sì rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ọlọ́hun yọ̀ǹda kó jẹun, Ó sì ní kó san iye ọjọ́ náà padà. Áíṣà, ìyàwó Ànábì, sọ pé òun máa ń jẹ gbèsè ààwẹ̀, òun kì í sì ráyè san án àfi nínú Ṣàbáánì. Ṣàbáánì yẹn la wà yìí. Ẹni tó jẹ ọjọ́ méje, tó bá ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan lòun máa fi san án, àsìkò tó kù yìí ò ní tó o. Ọjọ́ mélòó ló ṣì wà lọ́rùn yín?"

Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì fi fóònù yín díwọ̀n rẹ̀. Ó yẹ kó parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 50 sí 55 bí ẹ bá kà á bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ bí 110 sí 125 ni mo máa ń fi sí ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ò yá bíi ti ẹlòmíràn, aago ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gbára lé kíka ọ̀rọ̀. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú àáyá 55, ẹ má sáré kà á. Ẹ yọ gbólóhùn kan kúrò. Ìdí tí mo fi ń fi àyè sílẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ẹ béèrè, ẹ máa wo ojú kámẹ́rà, ẹ má sọ nǹkan kan mọ́. Àkókò yẹn ni olùgbọ́ ń kà á lórí ìka rẹ̀. Bí ẹ bá fi "Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká rí i ṣe" tẹ̀ lé ìbéèrè náà, ẹ ti gba ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀, ẹ ti fún un ní Àmín dípò rẹ̀. Àdúrà dára púpọ̀, àárín ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa gbé e sí ní ọjọ́ tó bá yẹ.

Ẹ óò rí i pé mo fi sàlámà nìkan bẹ̀rẹ̀. Ìyìn Ọlọ́hun àti ìkẹ́ fún Ànábì tí a máa ń fi ṣí wáàsí lè gba ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú yín. Ẹ sọ ọ́ ní kíkún kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, kò ní bọ́ sọ́nù lọ́dọ̀ Ẹni tí a sọ ọ́ fún. Bákan náà, n kò sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa gbèsè ààwẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tó fi tirẹ̀ falẹ̀ láìnídìí títí Rámádáánì mìíràn fi wọlé, àwọn onímọ̀ mẹ́sáàbù Máàlíkí ní kó san án kó sì fún tálákà kan ní oúnjẹ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti Hánáfì ní sísan nìkan ló wà lórí rẹ̀. Aláìsàn tí kò sí ìrètí pé ara rẹ̀ á yá tó ààwẹ̀ tún ní ìdájọ́ tirẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ò ṣeé sọ láàbọ̀. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sọ ọ́, ẹnì kan máa lọ fi ṣe ìdájọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó bá béèrè lọ bá àáfà wọn, kí ẹ sì fi gbogbo ìwé yín han àáfà kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kí ẹ tó ká àkọ́kọ́ sílẹ̀. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ fún ẹnu, n kì í ṣe ẹni tó ń ṣe fátíwà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. "Ìwọ" máa ń gún olùgbọ́ ju "ẹ̀yin" lọ, ṣùgbọ́n ìyá àti bàbá yín lè wà lára àwọn tó ń wò yín. "Ẹ" ni kí ẹ lò, kí ẹ wá jẹ́ kí ohun tí ẹ béèrè jẹ́ nǹkan tí ẹnì kan ṣoṣo lè dáhùn. "Ọjọ́ mélòó ló ṣì wà lọ́rùn yín" ò ṣeé dáhùn fún gbogbo ìdílé lápapọ̀, olúkúlùkù ló máa ka tirẹ̀. Ẹ sì má retí pé kí wọ́n kọ iye náà síta. Obìnrin wo ló máa sọ fún gbogbo ayé pé ọjọ́ méje lòun fi wà nínú nǹkan oṣù? Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ pé ìbéèrè náà bá wọn ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀: ṣé òun lè san án tẹ̀léra, ṣé òun lè san án lọ́jọ́ báyìí. Bó bá jẹ́ Àmín nìkan ló wà níta, tí ìkọ̀kọ̀ náà sì dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà náà ni kí ẹ tún àwọn ìbéèrè tó ń bọ̀ yẹ̀ wò.

Kí ló dé tí mo fi gbèsè ààwẹ̀ sí ọjọ́ ogún, tí n kò fi í sí ọjọ́ mẹ́ta? Torí pé ẹni tó jẹ ọjọ́ méje nílò ó kéré tán ọjọ́ méje. Bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe máa tẹ̀ léra nìyẹn: ohun tó máa gba olùgbọ́ ní àkókò púpọ̀ ló máa síwájú. Lẹ́yìn gbèsè, mo máa fi àwọn tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ tẹ̀ lé e, àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà lè ní láti yí àkókò oògùn wọn padà tàbí kó ní kí wọ́n má gbà á rárá, ìyẹn ò ṣeé fi sí àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ó lè gbààwẹ̀ o. Iṣẹ́ tiyín ni láti bi í pé, "Ọjọ́ wo ni ẹ máa rí dókítà yín?" Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlàjà, torí ẹni tí wọ́n bá bínú sí lè má gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan. Kíkà Kùránì náà lè wà láàárín, fún ẹni tó fẹ́ kọ́ láti máa ka ojú ewé díẹ̀ kó tó di pé ó ń ka ísíbù kan lóòjọ́. Oorun àti jíjí fún sààrì máa sún mọ́ ìparí, àníyàn ààwẹ̀ sì máa wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́nà yìí, nọ́ńbà tó ń dínkù náà máa ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè pa ọjọ́ méjìlá àti ọjọ́ márùn-ún dà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn hádíìsì tó máa ń wọlé wá lásìkò yìí. Èyí tí wọ́n ń pín kiri pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fún àwọn èèyàn ní ìròyìn pé Rámádáánì ń bọ̀, iná ò ní jẹ ẹ́, kò sí orísun fún un, ó sì dùn ún fi ṣí fídíò kíkà ọjọ́ ju ohunkóhun lọ. Èyí tó pín oṣù náà sí mẹ́ta, àánú níbẹ̀rẹ̀, àforíjì láàárín, ìdásílẹ̀ kúrò nínú iná ní ìparí, wà nínú ìwé Íbùnù Húsáímà, ṣùgbọ́n òun gan-an ò fi dá wa lójú pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn onímọ̀ hádíìsì sì kà á sí aláìlágbára. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó dúró, ọ̀rọ̀ Áíṣà tí mo lò lókè wà nínú Búkárì àti Múslímù, sísan ààwẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn sì wà nínú Súrátù Bákárà, áyà 184 àti 185. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yín. Kò ní jáde nínú fídíò, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè, ẹ ò ní máa wá a kiri.

Ó wá ku ìrọ̀lẹ́ wíwo oṣù, èyí tó dójú tì yín lọ́dún tó kọjá. Fídíò mẹ́ta ni kí ẹ ti ká sílẹ̀ dè é. Ti àárọ̀ máa sọ pé ìrọ̀lẹ́ òní la máa wo oṣù, ó sì lè bi wọ́n pé, "Ta ni ẹ máa mú dání lọ wò ó?" Lẹ́yìn Màgíríbì, bí ìkéde bá ti jáde, ẹ máa gbé ọ̀kan jáde nínú méjì tó kù. Ti "wọ́n ti rí i" máa kúrú gan-an, torí tàráwíìhì ti ń dúró de àwọn èèyàn, wọn ò ní jókòó tì yín. Ti "wọn ò rí i" ni kí ẹ fara balẹ̀ kọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi í ṣeré, wọ́n á ní kí àwọn èèyàn lọ sùn. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ ná: "Oṣù ò tíì lé. Ṣàbáánì máa pé ọgbọ̀n, ọ̀túnla la máa jí gbààwẹ̀. Láti ogún ọjọ́ sẹ́yìn la ti ń sọ ohun tó yẹ ká ṣe, àwọn kan nínú wa ṣe púpọ̀, àwọn kan ò ráyè. Odindi ọjọ́ kan rèé tí ẹnikẹ́ni ò retí. Èwo nínú ohun tí ẹ fi sílẹ̀ ni ẹ máa fi ọ̀la ṣe?" Ìbéèrè yẹn ò ṣeé bi ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ mìíràn nínú ọdún. Ẹ má kàn ní kí wọ́n fi ọjọ́ náà gba ààwẹ̀ kún un, torí Ànábì kọ̀ fún wa láti fi ààwẹ̀ ọjọ́ kan tàbí méjì ṣíwájú Rámádáánì, àyàfi ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa gbà á lọ́jọ́ náà.

Ohun kan wà tí ọgbọ́n kíkọ ò lè tún ṣe. Àwọn olùgbọ́ yín tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn lè ti bẹ̀rẹ̀ Ṣàbáánì ṣáájú yín tàbí lẹ́yìn yín, nọ́ńbà yín máa fi ọ̀kan yàtọ̀ sí tiwọn, wọ́n á sì kọ̀wé sí yín. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní fídíò àkọ́kọ́ pé ìkéde ibi tí ẹ wà ni ẹ ń tẹ̀ lé, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìyókù, kí ẹ má sì fi ìṣẹ́jú kankan jà á. Bí àkókò bá ti há, tí ẹ ò lè kọ ogún, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá ku mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ti gbèsè ààwẹ̀ ṣì jẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì yí "ọjọ́ méje" inú rẹ̀ padà sí "ọjọ́ mẹ́rin". Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ lè máà ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.